Oko Jàrátù Kò Ní Kúrò Nínú Ìṣirò

Ní ọdún 1974, oko mẹ́wàá la fi dán irúgbìn àgbàdo tuntun wò lágbègbè Arandun. Lóko kọ̀ọ̀kan, a gbin tuntun sí éékà kan, a gbin ti ìbílẹ̀ sí èkejì. Èmi ni mo ń wọn ìkórè.

Ọlábọ̀dé, ọ̀gá wa, gbé ìwé fún mi pé kí n fọwọ́ sí i. Ó kọ ọ́ pé, tí a bá pín in dọ́gba, tuntun fi àpò mẹ́ta ju ti ìbílẹ̀ lọ. Oko mẹ́jọ péré ló wà níbẹ̀.

"Ọ̀gá, méjì dà?"

"Mo yọ wọ́n. Wọ́n jìnnà sí àwọn yòókù. Wọ́n ń ba ìṣirò jẹ́."

Ọ̀kan ni oko Bámigbóyè. Màlúù ló jẹ tuntun ibẹ̀. Àpò mẹ́jọ ló fi dín sí ti ìbílẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, kí á tó kórè. A sì ti fẹnu kò kí á tó gbìn pé oko tí ẹran tàbí iná bá bà jẹ́ nìkan la ó yọ. N kò bá a jà lórí ìyẹn.

Èkejì ni ti Jàrátù. Àpò mẹ́fà ló fi dín. Ẹran kò wọ̀ ọ́, iná kò jó o. Orí òkúta wẹ́wẹ́ ló wà, irúgbìn náà kò ṣe dáadáa níbẹ̀. Ọlábọ̀dé kọ ìdí tó fi yọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà pé: "Kò tu koríko."

Inú bí mi. Mo lọ pe Jàrátù. Tọkọ́tọkọ́ ló wọ ọ́fíìsì.

"Ta ni kò tu koríko? Ìwọ tí bàtà rẹ kò kan ebè rí!"

"Ìyá Suliat, ẹ rọra," Ọlábọ̀dé bẹ̀ ẹ́.

"N ò rọra! Wàlàhí, tí ẹ bá torí ìwé yìí pín irúgbìn yẹn fún gbogbo àwa tá a wà lórí òkúta lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé ìwé la ó jẹ?"

Mo ṣí ìwé oko mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dé oko rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló mọ́.

"Ọ̀gá, tuntun fi àpò mẹ́jọ ju ti ìbílẹ̀ lọ lóko Àbúdùlàhí," mo ní. "Òun náà jìnnà sí àwọn yòókù. Kí ló dé tí ẹ kò yọ ọ́?"

Ọlábọ̀dé ń ṣí ìdérí bíírò rẹ̀, ó ń dé e padà.

"Torí pé ó dùn mọ́ yín."

"Mẹ́ta ni àwọn ọ̀gá wa ní Ìlọrin ń retí."

"Wọn yóò rí mẹ́ta. Wọn yóò rí èyí tó kù pẹ̀lú."

Mo fa bébà, mo kọ: Gbogbo oko mẹ́wàá, àpò kan. Láìsí ti Bámigbóyè, méjì. Láìsí òun àti Jàrátù, mẹ́ta. Mo kọ màlúù àti ọjọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Mo kọ ọ́ pé a kò rí ìdí kankan tí a fi lè yọ oko Jàrátù. Nítorí náà, méjì ni èsì wa, kí wọ́n má sì tíì pín irúgbìn náà fún ilẹ̀ olókùúta.

"Ẹ fọwọ́ sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwé oko mi ni n ó fi ránṣẹ́."

Jàrátù fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ koríko yẹn lórí ìwé Ọlábọ̀dé. "Fọwọ́ ara rẹ pa á rẹ́."

Ọlábọ̀dé fi bíírò fà á títí bébà fi ya. Ó fọwọ́ sí tèmi.

Jàrátù gbé ọkọ́ rẹ̀, ó jáde. Kò kí ẹnikẹ́ni nínú wa.