Ìgbéga Tí Akóredé Kọ̀ Nítorí Owó Orí

Èmi ni mò ń ṣírò owó oṣù ní ilé búrẹ́dì Alhaji Abdulkareem lọ́nà Ọjà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́. A ò ju mọ́kànlá lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ bí àwọn ará ìdí ààrò ṣe ń ṣàlàyé owó orí, ẹ ó rò pé ọ̀dọ̀ wọn ni ìjọba ti kọ́ṣẹ́.

Akóredé ló burú jù nínú wọn. Ìyàwó rẹ̀, Asiyah, àti ọmọ wọn, Mọ̀ríámọ̀, ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá obìnrin náà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ nílùú Ọ̀yọ́, nítorí ọkọ ò lówó yàrá. Lọ́dún 1988, Alhaji ní kó wá di olórí ìdí ààrò. Ọ̀ọ́dúnrún náírà ló ń gbà lóṣù, àádọ́ta yóò lé e, yóò sì láǹfààní láti háyà yàrá inú ọgbà ní ogún náírà péré.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́," ni èsì Akóredé. "Ìjọba á gbà á tán lọ́wọ́ mi."

Mashood tí wọ́n jọ ń po ìyẹ̀fun ló sọ fún un pé bí owó èèyàn bá ti wọ ìpele kejì owó orí, kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń yọ lórí náírà kọ̀ọ̀kan, àtorí èyí àkọ́kọ́.

Mo pè é jókòó. "Akóredé, lẹ́yìn tí a bá ti yọ owó ìdásílẹ̀ tí ìjọba kì í fọwọ́ kàn, tìrẹ, ti ìyàwó àti ti ọmọ, kọ́bọ̀ mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n ń gbà lórí ẹgbẹ̀rún méjì náírà àkọ́kọ́ lọ́dún. Ìyẹn ò ní yí padà. Irínwó náírà àti díẹ̀ tó lé lórí ẹ̀ nìkan ni wọ́n máa gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé lórí. Owó NPF ti ọjọ́ ogbó náà ò ní kúrò ní náírà mẹ́rin lóṣù, torí kì í kọjá bẹ́ẹ̀."

Ó fi mí rẹ́rìn-ín. "Anti Leah, ìwé lẹ mọ̀, ẹ ò mọ ìjọba."

Inú bí mi gidigidi. Àní bí irọ́ Mashood bá tiẹ̀ jẹ́ òótọ́, èrè ṣì wà níbẹ̀! Akóredé ò ṣírò ọ̀kankan. Ẹ̀rù nìkan ló gbà gbọ́. Orí burúkú kì í wú tuulu, òótọ́ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, Alhaji gbé ipò náà fún Mashood. Mashood ò sọ̀rọ̀ ìpele kankan. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì kó wọ yàrá.

Oṣù náà ò tíì parí tí Asiyah fi ti Ọ̀yọ́ dé, ó pọn ọmọ, ó ru ẹrù. Ó ti gbọ́ pé ipò tuntun àti yàrá wà fún ọkọ òun. Aṣọ Ràmọ́tà, ìyàwó Mashood, ló bá lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ló bá wá sí ọ́fíìsì mi.

"Anti Leah, ẹ kú iṣẹ́. Èló ni Bàbá Mọ̀ríámọ̀ ń mú lọ sílé lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ gbogbo ẹ̀?"

"Igba ó lé ọgọ́rin náírà."

"Tó bá gba ipò yẹn ńkọ́?"

"Á lé ní okòó lé lọ́ọ̀ọ́dúnrún."

Akóredé sáré wọlé, ìyẹ̀fun kún irùngbọ̀n rẹ̀. "Asiyah! Ṣé wọ́n ti sọ fún ẹ? Mo kó wa yọ lọ́wọ́ owó orí!"

Àánú obìnrin náà ṣe mí, ti ọkọ ò ṣe mí rárá. Asiyah bẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹrù rẹ̀ nílẹ̀, ó sì gbé e lé ọkọ rẹ̀ lórí.

"Bàbá Mọ̀ríámọ̀, ẹ bá mi rù ú dé ibùdó ọkọ̀ Ọ̀yọ́."