Ẹ Má Tíì Ki Dísìkì Yẹn Bọ Kọ̀ǹpútà

Mísbáù, òṣìṣẹ́ láàbù wa, ti na ìka sí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà láàbù nígbà tí mo wọlé. Mo ní kó gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀ kíákíá. Ó ní òun kàn fẹ́ pa á kí òun tún un tàn ni, bóyá á gbọ́ràn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe sí gbogbo nǹkan nílé ìwòsàn wa ní Mafólúkù nìyẹn, àti fíríìjì àti jẹnẹrétọ̀.

Mo wo ojú kọ̀ǹpútà náà. Orúkọ gbogbo fáìlì aláìsàn ti yí padà, wọ́n ti fi lẹ́tà rádaràda kan sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìkankan ò sì ṣí. Ìwé kan ṣoṣo ló ṣí, òun ló sọ pé àwọn ti ti fáìlì wa pa, ká wá sanwó ká tó gba kọ́kọ́rọ́. Èmi Wàsílátù, èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn. Inú mi máa ń tètè ru, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn, inú mi ru dé orí.

"Má pa á," mo sọ fún Mísbáù. "Yọ okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ ni kó o yọ."

Ohun tó bá ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ lè wúlò fáwọn tó máa wádìí ọ̀rọ̀ náà, tá a bá pa á, ó lè ṣòfò. Àmọ́ tá a bá já a kúrò lára àwọn yòókù, kòkòrò kọ̀ǹpútà táwọn olè rán wọ̀ ọ́ ò ní lè ràn wọ́n mọ́. Mo sáré láti yàrá dé yàrá, mo ń yọ okùn, ibi ìgbàlejò, ilé oògùn, ọ̀dọ̀ akáṣíà. Mo pa Wáìfáì. Mo fi fóònù ya ìwé àwọn olè náà, n ò pa á rẹ́.

Ibẹ̀ ni Dókítà Ọláfimíhàn, tó ni ilé ìwòsàn náà, ti bá mi. Kò béèrè olè. Ó ní wọ́n ti gbé Hassanat dé.

Ọmọge tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni Hassanat. Wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára láìmọye ìgbà, débi pé ara rẹ̀ ti ń bá àwọn irú ẹ̀jẹ̀ kan jà. Tí wọ́n bá fún un ní irú èyí tí ara rẹ̀ kórìíra, ẹ̀jẹ̀ náà á fọ́ sí i lára, ó sì lè gba ibẹ̀ kú. Inú fáìlì rẹ̀ la kọ àwọn tí kò gbọ́dọ̀ gbà sí. Ìyẹn náà ti di rádaràda.

"Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò ní láàbù, sà," mo wí.

"Èyí tó bá ti pẹ́ lè má hàn nínú àyẹ̀wò mọ́," ni dókítà wí. "Ara ò sì gbàgbé. Fáìlì yẹn ni mo nílò, Wàsílátù. Ọmọ yẹn ò lè mí dáadáa."

Mo ti pe Ìyá Diamond, akáṣíà wa. Lọ́jọ́ Fúráìdè kọ̀ọ̀kan, tí mo bá ti ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì sínú dísìkì kékeré kan, òun ló máa ń gbé e lọ sílé rẹ̀ ní Ire-Akari. Dókítà máa ń pè é ní àṣejù. Ṣùgbọ́n olè tó wọ kọ̀ǹpútà wa ò lè dé inú kọ́bọ́ọ̀dù Ìyá Diamond.

Ó dé pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn, òógùn bò ó. Kó tó kí mi tán, dókítà ti gba dísìkì náà, ó ti kọjú sí kọ̀ǹpútà láàbù. Mo sáré, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ihò tó fẹ́ kì í bọ̀.

"Ẹ má tíì kì í bọ̀ ọ́, sà."

"Gbé ọwọ́ ẹ."

"Kò ṣeé ṣe, sà. Ohun tó ti fáìlì wa pa ṣì wà nínú ẹ̀rọ yìí. Tó bá kan dísìkì yìí, á tì í náà, a ò sì ní nǹkan kan mọ́."

Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó wà lójú òun náà ju tèmi lọ, ó sì gbé dísìkì náà lé mi lọ́wọ́.

Kọ̀ǹpútà tuntun kan wà ní ọ́fíìsì rẹ̀ tá ò tíì yọ nínú páálí. Kò tíì fara kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa rí. Mo já páálí náà, mo tàn án, mo ki dísìkì bọ̀ ọ́, mo fi ètò tó ń wá kòkòrò kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò. Ó mọ́. Fáìlì Hassanat ṣí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ tó ní àmì K.

Mísbáù pe ilé ìpamọ́ ẹ̀jẹ̀ tó wà ní Ṣógúnlé, wọ́n sì fi ọ̀kadà gbé àpò ẹ̀jẹ̀ kan tí kò ní K ránṣẹ́. Ó bá ti Hassanat mu nínú àyẹ̀wò. Wọ́n gbé e kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Dókítà ń wá iṣan lápá ọmọ náà nígbà tí ìyá rẹ̀ ní:

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ti wo ti Òṣogbo mọ́ ọn? Mo mú ìwé wá láti ọsibítù tó ń lọ ní kékeré. Túsìdeè ni nọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, mo sì dá ìwé náà padà fún bàbá ẹ̀. Fóònù ẹ̀ ò lọ láti àárọ̀."

Dókítà wò mí. Ti Fúráìdè tó ṣáájú Túsìdeè yẹn ni dísìkì tó wà lọ́wọ́ mi, nítorí mo wà nísinmi lọ́jọ́ Fúráìdè tó tẹ̀ lé e.

"Ìṣẹ́jú mélòó ló ṣì lè dúró, sà?" mo bi í.

"Kò pọ̀," ó wí. "Yára."

Àpótí tí gbogbo fáìlì wa ń gbé, ẹ̀rọ ìpamọ́ tí gbogbo kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn ń lò pọ̀, nìkan ló kù. Àwọn olè ti ti ohun tó wà lójú ẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n alaalẹ́ ni àpótí náà máa ń ya sínápúṣọ́ọ̀tì, ìyẹn ni pé ó máa ń di bí gbogbo fáìlì ṣe rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn mú, kò sì sí ẹni tó lè yí i padà. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ ìwọlé àgbà àpótí náà nìkan ló lè pa á rẹ́. Tó bá ti bọ́ sọ́wọ́ wọn, ó parí.

Mo fi okùn kan so àpótí náà mọ́ kọ̀ǹpútà tuntun, àwọn méjèèjì nìkan, n ò jẹ́ kí nǹkan mìíràn wà lórí ìlà náà. N kì í tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé yẹn sórí ẹ̀rọ táwọn òṣìṣẹ́ ń lò, orí mi ni mo ń kó o sí. Mo ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo tún un tẹ̀. Nígbà tó ṣí, mo kọ́kọ́ wo àkọsílẹ̀ àwọn tó ti wọlé síbẹ̀. Èmi nìkan ni. Mo ní alihamdulilahi.

Àwọn sínápúṣọ́ọ̀tì wà níbẹ̀. N ò dá gbogbo àpótí náà padà sẹ́yìn o, ìyẹn máa pa ohun táwọn olùwádìí nílò rẹ́. Fáìlì Hassanat nìkan ni mo dà kọ jáde látinú ti alẹ́ Túsìdeè. Ohun tí nọ́ọ̀sì tẹ̀ wà lábẹ́: kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ tó ní àmì Jka náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á ní Òṣogbo.

Mo sáré lọ sí yàrá rẹ̀, mo gbé kọ̀ǹpútà náà dání. Dókítà ti so okùn ẹ̀jẹ̀ mọ́ abẹ́rẹ́ tó wà lápá ọmọ náà, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìdérí tó máa jẹ́ kó ṣàn. Ó kà á. Ó yọ okùn náà, ó pe Ṣógúnlé fúnra rẹ̀, ó bi wọ́n bóyá àpò tí wọ́n gbé wá ní Jka. Wọ́n ní kó dúró. Gbogbo wa dúró, à ń gbọ́ bí Hassanat ṣe ń mí.

"Ó ní," ni wọ́n dá a lóhùn.

Ó ní kí wọ́n wá èyí tí kò ní méjèèjì, kí wọ́n gbé e wá kíákíá. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀.

"Mi ò lè dúró mọ́ ni," ó wí. "Mo ti fẹ́ ṣí i."

"Ẹ ò ṣí i, sà," mo wí. Omi ti bọ́ lójú mi.

Ìyá Hassanat sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ ka bó ṣe ń mí, kò sì dáwọ́ dúró títí àpò kejì fi dé, tí dókítà fi ṣí ìdérí rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí kán.