Ìpele Tí Kóòṣì Fò

Tí èmi àti Uswat bá dúró kojú ara wa tí à ń ju bọ́ọ̀lù nẹ́tíbọ́ọ̀lù síra wa, ilẹ̀ á ṣú, á tún mọ́, kò ní jábọ́. Iṣẹ́ wa nílé-iṣẹ́ bisikíìtì l'Ágége ló kọ́ wa: ibi tí wọ́n bá fi ẹ́ sí nídìí ẹ̀rọ lo máa dúró.

Àfi bí Kóòṣì Fúnmilọ́lá ṣe fi Hassanat àti Kùdírátù, àwọn tá a jọ wà nínú ẹgbẹ́, dí wa lọ́nà lójijì. "Ẹni tí bọ́ọ̀lù bá kú sí lọ́wọ́ ò ní bá wa lọ sí ìdíje Sátidé."

Bọ́ọ̀lù dọ́wọ́ mi. Apá Hassanat nìkan bo ojú ọ̀run dé Onígbòǹgbò. Nínú nẹ́tíbọ́ọ̀lù, mi ò gbọdọ̀ gbé e sáré, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta péré ni mo ní láti jù ú. Uswat dúró gbagidi lẹ́yìn Kùdírátù, bí ẹni ń retí bisikíìtì. Fèrè dún. A tún un ṣe, fèrè tún dún.

"Bọ́ síta," Kóòṣì ní fún mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, orí ìdúró lẹ ti jù wá sójú ogun. Ẹnikẹ́ni ò tíì kọ́ Uswat bí wọ́n ṣe ń sá bọ́ síbi tó ṣófo."

Ni Kóòṣì bá lé àwọn adènà méjèèjì sẹ́yìn. Uswat kọ́kọ́ ń sáré, mò ń ju bọ́ọ̀lù síwájú ẹ̀. Lẹ́yìn náà, Kùdírátù nìkan ló ń ṣọ́ ọ. Ìgbà tí Hassanat padà wá, Uswat ṣe bí ẹni ń lọ sósì, ó yà sọ́tùn-ún, bọ́ọ̀lù bá a níbẹ̀.

"Má pẹ́ dé ní Sátidé," Kóòṣì ní fún mi. Wọ́n wá fi adènà kẹta kún un.