Ta Ló Ṣe Kejì?
Àbíbù àti Wẹ̀mímọ́ ní máàkì mẹ́rìnlélógóje lọ́kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ mẹ́wàá. Madamu Aurore, olùkọ́ kíláàsì wọn ní Savè, pín in sí mẹ́wàá: mọyẹnì, ìyẹn ìpíndọ́gba, jẹ́ 14,40. Òkìkíọlá, ọmọ tirẹ̀, ní 14,30. "Bien", ìyẹn "ó dára", ni ó kọ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó kọ kìíní fún àwọn méjì àkọ́kọ́, ó kọ kẹta fún ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, Òkìkíọlá fajú ro.

"Màmá, ta ló ṣe kejì?"

"Kò sí."

"Ẹ fún mi nígbà náà, ṣebí ó ṣófo!"

"Èèyàn mélòó ló ṣíwájú rẹ?"

"Méjì. Ṣùgbọ́n máàkì kan náà ni wọ́n ní!"

"Ní sáà tó kọjá, tí ìwọ àti Àbíbù jọ ṣe kìíní, ipò wo ni mo fún Wẹ̀mímọ́?"

Òkìkíọlá ká ìwé èsì rẹ̀ sínú àpò rẹ̀.

"Kẹta."