Góòlù Tí Ẹ̀rọ Kò Gbọ́

Àlùmọ́gàjí ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí ọdún kẹtàlá rèé tó ti ń gé fídíò bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù tán, òun ni yóò jókòó wo àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí yóò sì gé e kù sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó dùn ún wò. Iṣẹ́ tó ń jẹ ojú ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó yé e ni.

Àfi bí ọ̀gá wọn ṣe lọ gba ọ̀ọ́dúnrún fídíò eré àtijọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó ní òun fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ di gígé láàárín oṣù mẹ́ta. Àlùmọ́gàjí ní kò ṣeé ṣe. Ọ̀gá ní ó ṣeé ṣe, ó sì mú ẹnjiníà kan wá. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, tí kì í bínú, èyí sì wà lára ohun tó ń bí Àlùmọ́gàjí nínú.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó,” ni ẹnjiníà wí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ rẹ̀. “Èyí kì í wo àwòrán rárá. Ohùn ló ń gbọ́. Bí nǹkan gidi bá ṣẹlẹ̀ lórí pápá, èrò ìwòran á pariwo, ẹni tó ń ròyìn eré náà á gbé ohùn sókè. Ẹ̀rọ á máa wọn bí ohùn ṣe le tó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Á mọ bó ṣe máa ń rí lápapọ̀ nínú eré yẹn, ibi tó bá sì ti ga jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa ló máa gé.”

“Ariwo máa ń dé lẹ́yìn tí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀ tán. Ṣé ariwo lo fẹ́ kí n fi han àwọn èèyàn ni?”

“Rárá o. Á padà sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé.”

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání, kò sì sí bó ṣe lè sọ pé kò mọ́gbọ́n dání. Nínú ọ̀pọ̀ fídíò, ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, Àlùmọ́gàjí ti rí nǹkan. Ẹ̀rọ gé ajá tó sá wọ pápá tí gbogbo èèyàn fi ń hó. Ó gé ọkùnrin kan tó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì tó ń jó lórí àga. Ó gé ikọ́ tó gbé ẹni tó ń ròyìn, torí ó wú u sí gbohùngbohùn gbàà. Gbogbo rẹ̀ ni Àlùmọ́gàjí ń yọ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń pòṣé.

“Ẹ máa fi ojú fo o,” ni ọ̀gá wí. “Ẹ má tún wo eré láti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Ẹ fọkàn tán ẹ̀rọ.”

Ó sì fọkàn tán ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ Ẹtì kan tí fídíò mẹ́sàn-án wà nílẹ̀ tí ọ̀gá ń kanlẹ̀kùn ní wákàtí-wákàtí, ó yọ ẹ̀fẹ̀ kúrò nínú ọ̀kan, ó lẹ ìyókù pọ̀, ó fi ránṣẹ́. Àmì ayò kan sí òdo wà lára ìwé tó bá fídíò náà wá. Ó rí i. Kò kàn ronú sí i ni.

Ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n gbé eré náà sáfẹ́fẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko: bọ́ọ̀lù tó ba òpó, kọ́nà, rẹfirí tó fún ẹnì kan ní káàdì, òjò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sójú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán pé àlejò fi góòlù kan ṣoṣo borí onílé. Góòlù ọ̀hún kò sí níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, fóònù tó wà lórí tábìlì Àlùmọ́gàjí dún kó tó gbé báàgì sílẹ̀.

“Ìwọ lo ń gé bọ́ọ̀lù?” Ohùn obìnrin àgbàlagbà ni.

“Èmi ni, mà.”

“Kí ni ọmọ mi ṣe fún ẹ?”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò…”

“Ọmọ mi ló gbá góòlù yẹn wọlé! Góòlù kan ṣoṣo tó gbá kí orúnkún rẹ̀ tó bàjẹ́ tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò rí i rí. Mo kó ẹbí jọ, mo kó ará àdúgbò jọ, àga ò tó, àwọn kan dúró. A wò ó títí, òjò la rí! Ṣé òjò ló gbá góòlù ni?”

Àlùmọ́gàjí bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu fi gbẹ. Nígbà tí obìnrin náà gbé fóònù sílẹ̀, ojú ń tì í débi pé kò lè wo ẹnikẹ́ni. Ó dìde, ó lọ wọ́ àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnjiníà.

“Ṣí eré yẹn fún mi.”

Ẹnjiníà ṣí i. Ìlà ohùn náà hàn lójú kọ̀ǹpútà, ó ń ga, ó ń wálẹ̀ bí eyín ayùn. Wọ́n wá ìṣẹ́jú kọkànléláàádọ́rin, níbi tí góòlù ti wọlé. Ìlà kò ga níbẹ̀. Ṣe ló já wálẹ̀ pátá.

“Ó dákẹ́,” ni ẹnjiníà wí, bí ẹni tí wọ́n já aṣọ gbà lára rẹ̀.

“Kí ló fẹ́ kí wọ́n ṣe? Àlejò ló gbá a wọlé! Iwájú àwọn onílé ni wọ́n gbé gbohùngbohùn sí. Àwọn ará àlejò ò ju ogójì lọ, òdìkejì pápá ni wọ́n wà. Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ àwọn onílé. Ta ni yóò pariwo fún ẹ?”

“Ẹni tó ń ròyìn ńkọ́? Ó yẹ kí òun…”

Wọ́n gbọ́ ọ. “Ó wọlé,” ni ọkùnrin náà wí, pẹ̀lú ohùn tí èèyàn fi ń ní kí wọ́n bá òun gbé omi.

Bàbá Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ròyìn náà. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tó ti ń ròyìn bọ́ọ̀lù, kò sì pariwo rí.

“Òjò yìí gan-an ló tún ba nǹkan jẹ́,” ni ẹnjiníà fi kún un, ó ń fi ìka tọ ìlà náà. “Ẹ wo bó ṣe ń lu páànù fún odindi ogún ìṣẹ́jú. Ó ti gbé gbogbo òṣùwọ̀n sókè. Ohun tó yẹ kó ga lẹ́yìn rẹ̀ kò wá ga mọ́.”

Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ dé ibì kan, ọ̀gá wọlé. Ó ti gbọ́ tiẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ju òun lọ, imú rẹ̀ ń ṣe fìn-ìn. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé tán, ohun tó rí mú nínú gbogbo rẹ̀ ni pé Bàbá Jẹ́jẹ́ kì í pariwo.

“Ó tán. Ẹ pe bàbá. Kó máa pariwo.”

“Ọ̀gá, fídíò àtijọ́ la ní nílẹ̀,” ni Àlùmọ́gàjí wí. “Ṣé yóò padà lọ pariwo lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni?”

Bàbá Jẹ́jẹ́ ṣì ń ròyìn eré tuntun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìyẹn sì tó fún ọ̀gá láti pàṣẹ. Lọ́jọ́rú, bàbá lọ sí pápá, ó sì ṣe bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Ó pariwo nígbà tí wọ́n ju bọ́ọ̀lù wọlé láti ẹ̀gbẹ́ pápá. Ó pariwo nígbà tí aṣọ́lé ń so okùn bàtà. Ó pariwo títí ohùn fi há. Nígbà tí góòlù gidi wá wọlé, kò sí ohùn lọ́fun rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ gé ibi mẹ́tàlélógún, mẹ́jọ nínú rẹ̀ jẹ́ bàtà àti bọ́ọ̀lù tó jáde.

Bàbá fúnra rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì. Ohùn rẹ̀ ń há bí ilẹ̀kùn tí kò ní òróró.

“Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ò lè ṣe èyí mọ́. Àwọn tó wà nílé fẹ́ gbọ́ pápá. Bí nǹkan ńlá bá ṣẹlẹ̀, èmi a sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, màá panu mọ́, kí wọ́n lè gbọ́ ọ fúnra wọn. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn látìgbà ìwáṣẹ̀.”

Àlùmọ́gàjí tó fi orí rẹ̀ tó ń fọ́ sínú ọwọ́ gbé ojú sókè.

“Bàbá, ẹ ní ẹ máa ń panu mọ́?”

“Mo máa ń panu mọ́.”

Ó yíjú sí ẹnjiníà. “Wọ́n gba ohùn bàbá sọ́tọ̀, wọ́n gba ti èrò ìwòran sọ́tọ̀ nínú fídíò wọ̀nyí. Ìwọ lo dà wọ́n pọ̀, àbí?”

“Kí ó lè rọrùn ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Olúwa ó! Yà wọ́n. Kó o wá ibi tí bàbá ti dákẹ́.”

“Bí bàbá bá kàn ń mu omi ńkọ́?”

“Bí wọ́n bá ń mu omi, èrò ìwòran ò ní yí padà. Wá ibi tí bàbá ti dákẹ́ tí ariwo èrò sì ga lójijì tàbí tó já wálẹ̀ lójijì. Kó o sì fi ibì kọ̀ọ̀kan wé ìṣẹ́jú mélòó kan tó yí i ká, má fi wé gbogbo eré mọ́, kí òjò má bàa tún pa wá lẹ́kún.”

Bàbá Jẹ́jẹ́ ń wò wọ́n láti ẹnì kan sí èkejì. “Ṣé mo ti lè máa lọ?”

“Ẹ jókòó, bàbá,” ni àwọn méjèèjì wí pa pọ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ni ẹnjiníà fi tún un ṣe. Eré mọ́kànlá tí Bàbá Jẹ́jẹ́ ròyìn ni wọ́n fi dán an wò. Góòlù mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló wà nínú wọn. Tẹ́lẹ̀, mẹ́rìnlá péré ni ẹ̀rọ rí. Ní báyìí, ó rí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ìṣẹ́jú kọkànléláàádọ́rin sì wà níbẹ̀: ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba bọ́ọ̀lù láti ìdajì pápá, ó ré èèyàn mẹ́ta kọjá, ó rọra tì í sábẹ́ aṣọ́lé. “Ó wọlé,” ni Bàbá Jẹ́jẹ́ wí. Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ gbogbo èrò, àti láti ọ̀nà jíjìn, ogójì èèyàn tó ń hó bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga.

Àlùmọ́gàjí tún wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi í ránṣẹ́ sí àwọn tó ń gbé e sáfẹ́fẹ́, ó sì pe obìnrin náà fúnra rẹ̀ láti sọ ọjọ́ àti aago fún un.

Ọ̀gá wọlé, ó rí iye náà, ó pàtẹ́wọ́. “Ẹ rí i? Mo sọ fún yín pé ẹ fọkàn tán ẹ̀rọ.”

Ẹnjiníà tí kì í bínú la ẹnu, ó tún pa á dé, iṣan ọrùn rẹ̀ sì yọ. Ìyẹn nìkan ló tu Àlùmọ́gàjí nínú lórí ọ̀rọ̀ ọ̀gá náà.

Nígbà tí ọ̀gá jáde, ẹnjiníà ní, “Ó ku góòlù mẹ́ta tí kò rí, ẹ̀gbọ́n.”

“Mo mọ̀.”

“N kò tíì mọ ìdí rẹ̀.”

“Bí a bá wò wọ́n, a ó mọ̀.” Ó ṣí fídíò àkọ́kọ́ láti ìṣẹ́jú kìíní, ó fa ojú kọ̀ǹpútà súnmọ́ ara rẹ̀. Ẹnjiníà wọ́ àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ki hẹ́dífóònù kejì bọ etí, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo bọ́ọ̀lù.