Ọjọ́ Tí Mo Pààrọ̀ Oògùn Màmá Àṣàkẹ́

Ẹnu mi kì í dákẹ́, bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Dókítà ni mí ní Ìdó-Èkìtì, wọ́n sì ti fi mí sun ọ̀gá lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mi ò sì ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n gbé Màmá Àṣàkẹ́ dé láti Ayédé. Àgbẹ̀ kòkó ni, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ara rẹ̀ gbóná janjan, òtútù sì ń mú un gbọ̀n, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti já wálẹ̀, ó ń pe ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Ẹ̀gbẹ́ ń dùn ún, ìtọ̀ rẹ̀ sì dọ̀tí. Mo fura pé kòkòrò àrùn ti gba ojú ìtọ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ rẹ̀ Ṣèyí, tó wá kí i láti Èkó, ní ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá òun fi ń lo oògùn kẹ́míìsì kí wọ́n tó gbé e wá.

Irú kòkòrò wo ni? Mi ò mọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀ lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ikú kì í dúró de lábù. Mo kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ fún àyẹ̀wò, kíá, nọ́ọ̀sì Kẹ́mi so omi mọ́ ọn, mo sì fún un ní meropenem, oògùn tó ń pa oríṣiríṣi kòkòrò. Ìdí tí mo fi mú èyí tó le tó bẹ́ẹ̀ ni pé oṣù tó kọjá ló jáde nílé ìwòsàn míì, kòkòrò irú ibẹ̀ sì máa ń lágídí. Wákàtí kan kò pé tí oògùn fi wọ ara rẹ̀.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ara ti tutù, ìfúnpá ti gòkè, màmá ti ń bèèrè uyán. Ọjọ́ yẹn gan-an ni èsì lábù dé. Kòkòrò kan ṣoṣo ni wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀. Oògùn kẹ́míìsì kò ràn án, ṣùgbọ́n ceftriaxone, oògùn tí oríṣi kòkòrò tó ń pa kò pọ̀ tó ti meropenem, ń pa á dáadáa. Ọ̀gá mi, Dókítà Jacob, wo ìwé náà, ó ní kí n fi ceftriaxone pààrọ̀ meropenem. Inú mi dùn.

Ṣèyí ò gbà. Ó ní ṣé torí pé ará oko ni ìyá òun ni mo ṣe fẹ́ fún un ní oògùn tálákà. Ó ní oògùn tó jí i dìde náà ni yóò máa gbà títí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á gbé e lọ sí Èkó lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lẹ́nu ikú, lójú ọ̀nà Èkó! Ojú mi pọ́n. Mo rántí Peace, ìyá ìkókó kan láti Ìfísìn, lọ́dún tó kọjá. Gbogbo oògùn tí lábù dán wò, kò sí ọ̀kan tí kòkòrò rẹ̀ gbọ́ràn sí lẹ́nu. Meropenem pàápàá. Ọwọ́ mi ló kú sí. Mo sọ fún Ṣèyí pé bí a bá ń lo èyí tó le níbi tí kò pọn dandan, à ń kọ́ kòkòrò bí yóò ṣe borí rẹ̀ ni, àti pé aláìmọ̀kan ni. Mo sọ ọ́ sójú rẹ̀, gbogbo wọ́ọ̀dù gbọ́.

Ó ti ń ká aṣọ ìyá rẹ̀ sínú báàgì nígbà tí màmá jókòó sókè.

Ó ní, "Ṣèyí, oko bàbá mi ńkọ́? Èyí tó le jù nínú oògùn kòkó ló ń fín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kòkòrò wà níbẹ̀ o, kò sí níbẹ̀ o. Nígbà tó yá, kòkòrò ń mu oògùn náà bí ẹni mu omi, oko sì kú. Mo wà níbẹ̀, ọmọdé ni mí, mo rí i." Ó na apá rẹ̀ sí mi. "Dókítà, fún mi ní tìrẹ."

Mo fún un. Mo ń ṣọ́ ìba lálẹ́, mo ń ṣọ́ ọ láàárọ̀, ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀, ẹ má sọ fún Ṣèyí. Ìba ò padà.

Ṣèyí fi mí sùn lóòótọ́. Ọjọ́ tí a ní kí màmá máa lọ sílé ni ọ̀gá pè mí, ó ní ṣé mo pe ọmọ aláìsàn ní aláìmọ̀kan. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣé mo ṣetán láti bẹ̀ ẹ́. Mo na ìka sí ojú fèrèsé. Màmá Àṣàkẹ́ ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sídìí takisí Ayédé, Ṣèyí sì ń gbé báàgì tẹ̀ lé e.