Táìsì Ṣáájú Páìpù

Ọ̀la ni ìyá àgbà ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn, ara bàbá mi kò sì balẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni púlọ́ńbà dá, kò yọjú, ni bàbá mi bá ní kí onítáìsì máa lẹ táìsì mọ́ ògiri balùwẹ̀ tí a ń tún ṣe dè é lọ. Nígbà tí púlọ́ńbà dé lónìí, ògiri balùwẹ̀ ti ń dán gbinrin.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ibo ni páìpù ṣáwà fẹ́ gbà? Ojú fèrèsé?"

Onítáìsì ní, "Ìwọ lo pẹ́!"

"Mo pẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n páìpù ló ń kọ́kọ́ wọ inú ògiri. A ó fi omi dán an wò bóyá ó ń jò, bíríkìlà á rẹ́ ògiri, a ó kun ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, kó tó kan táìsì."

Bàbá mi ń lọ, ó ń bọ̀. "Gbé páìpù gba orí táìsì, jàre! Ìyá mi ń bọ̀ lọ́la!"

N kì í sábà sọ̀rọ̀ láàárín àgbà, ṣùgbọ́n ó yọ lẹ́nu mi: "Bàbá, bí ẹsẹ̀ ìyá àgbà bá yọ̀, páìpù yẹn ni wọ́n máa dì mú. Á já mọ́ wọn lọ́wọ́."

Bàbá mi gba òòlù lọ́wọ́ púlọ́ńbà, ó sì fọ́ táìsì àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀.

"Pe ilé ìwòsàn," ó wí fún mi. "Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí ìyá mi tó wálé."